Kí Ló Dé Tí Mo Fi Gba Máàkì 4?

Gbàrà tí èsì ìdánwò bá ti jáde ni ímeèlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju ìlà méjì lọ: ẹni tó kọ ọ́ á ní òun kàwé, òun sì dáhùn gbogbo ìbéèrè, kí n jọ̀ọ́ bá òun tún máàkì òun wò. Kò sí ohun tí olùkọ́ lè fi irú ìyẹn ṣe ju kó tún máàkì náà rò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta kan kọ sí mi, tí mo fẹ́ kí ẹni tí kò tiẹ̀ kọ́ ìmọ̀ nípa jíìnì rí bá mi kà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣi ọ̀nà gan-an ni ibi tí ìmọ̀ yìí ti le jù, òun náà ni ibi tó ti dùn jù. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ kúrò. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè kẹta ni mà, èyí tó dá lórí ọ́pẹ́róònù lakitóòsì. Máàkì 10 ló wà fún un, 4 ni mo gbà. Ojú ewé méjì ni mo kọ. Mo ṣàlàyé adènà, mo ṣàlàyé ọpẹréítọ̀, mo tún ṣàlàyé bí gulukóòsì ṣe ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ ìlà mẹ́ta péré gba 8. Bí mo ṣe rò ó nìyí mà: I tó wà lórí kúrómósóómù ti bàjẹ́, torí náà kò sí adènà níbẹ̀, Z á máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. I tó wà lórí F′ dáa, torí náà adènà wà níbẹ̀, Y kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí lakitóòsì bá dé. Mo kọ 'díẹ̀ gan-an' síbi tí àwọn kan kọ 'kò sí', torí ẹ sọ fún wa ní kíláàsì pé ọ́pẹ́róònù kì í tì pátápátá. Bóyá ìyẹn ni wọ́n fi gé máàkì mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàlàyé fún mi kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ẹ ṣeun mà."

Inú mi dùn sí ímeèlì yìí, kì í ṣe nítorí "ẹ jọ̀ọ́ mà" tó kún inú rẹ̀. Ó tú èrò ara rẹ̀ síta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ bó ṣe rò ó, olùkọ́ lè fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan pàtó kó ní, "Ibí yìí ni." Ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ímeèlì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló tiẹ̀ kọ ọ́: "níbẹ̀". Kò sí adènà níbẹ̀. Adènà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló jẹ máàkì rẹ̀ lọ.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Bakitéríà kan wà tó ń gbé inú ìfun èèyàn, Eṣẹríkíà kólì lorúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ lakitóòsì, ìyẹn ṣúgà tó wà nínú wàrà, ṣùgbọ́n ó nílò purotéènì méjì kó tó lè jẹ ẹ́. Àkọ́kọ́ ni pamiéèsì, tó ń fa lakitóòsì wọ inú bakitéríà. Èkejì ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ béta-galakitosídéèsì, tó ń gé lakitóòsì sí méjì kó lè di oúnjẹ. Jíìnì tó ni pamiéèsì là ń pè ní Y, èyí tó ni ẹ́ńsáìmù là ń pè ní Z. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí DNA, ojúkan náà sì ni ẹ̀rọ tó ń da jíìnì kọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó kọ àwọn méjèèjì pọ̀. Jíìnì kẹta wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n a ò ní lò ó níbí.

Níwájú Z ni pápá DNA kúkurú kan wà tí à ń pè ní ọpẹréítọ̀, ìyẹn O. Ọpẹréítọ̀ kì í ṣe purotéènì. Ojú ibi kan lórí DNA ni. Jíìnì mìíràn wà nítòsí tó ń jẹ́ I, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣe purotéènì tí à ń pè ní adènà. Tí kò bá sí lakitóòsì, adènà á lọ jókòó lórí ọpẹréítọ̀, ẹ̀rọ tó ń da jíìnì kọ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Tí lakitóòsì bá wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yí padà di álólakitóòsì. Álólakitóòsì yìí á so mọ́ adènà, ara adènà á yí padà, kò ní lè di ọpẹréítọ̀ mú mọ́, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Iye ẹ́ńsáìmù tó wà nínú bakitéríà kan á wá ga sókè tó nǹkan bí ìlọ́po 1000. Gbogbo ètò yìí, àwọn jíìnì tó tò tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣí wọn tí wọ́n sì ti ń tì wọ́n, òun là ń pè ní ọ́pẹ́róònù.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ gbogbo èyí. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbéèrè náà bi í yàtọ̀. A fún un ní bakitéríà tó ní ọ́pẹ́róònù yìí ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan lórí kúrómósóómù rẹ̀, ọ̀kan lórí òrùka DNA kékeré kan tí à ń pè ní F′, tí bakitéríà kan lè fún òmíràn. Bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè nìyí:

```
Kúrómósóómù:  I-  O+  Z+  Y-
F':           I+  Oc  Z-  Y+
```

Àmì `+` túmọ̀ sí pé ó dáa, àmì `-` pé ó ti bàjẹ́. `Oc` ni ọpẹréítọ̀ tí ìyípadà ti bá, tó fi jẹ́ pé adènà kò lè dì í mú mọ́. A ní orí gilisẹ́róòlù ni bakitéríà náà ń dàgbà, kò sí gulukóòsì níbẹ̀ rárá. A wá bèèrè pé: ṣé ẹ́ńsáìmù wà nígbà tí kò sí lakitóòsì? Nígbà tó wà ńkọ́? Ṣé pamiéèsì wà nígbà tí kò sí lakitóòsì? Nígbà tó wà ńkọ́? Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn ṣe ni kó wá ibi tí ẹ́ńsáìmù ti lè jáde. `Z` tó dáa wà lórí kúrómósóómù nìkan, èyí tó wà lórí F′ ti bàjẹ́. `Y` tó dáa wà lórí F′ nìkan. Nítorí náà, ọpẹréítọ̀ orí kúrómósóómù ló ń darí ẹ́ńsáìmù, ọpẹréítọ̀ orí F′ ló ń darí pamiéèsì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa rí èyí, ó sì gba máàkì rẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé adènà wà nínú bakitéríà yìí? Ó wà, nítorí `I` tó dáa wà lórí F′. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé adènà tí F′ ṣe, ti F′ nìkan ni. Bẹ́ẹ̀, purotéènì ni adènà. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, kò so mọ́ DNA tó ti wá mọ́. Inú omi bakitéríà ló ń léfòó káàkiri, ọpẹréítọ̀ tó bá bá pàdé tó sì dáa ni yóò jókòó lé. Adènà dà bí ọlọ́dẹ tí gbogbo àdúgbò jọ háyà: ilé yòówù kí wọ́n ti san owó rẹ̀, ó lè lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kì í rìn. Tí ilẹ̀kùn ilé kan bá ti já, ilé yẹn nìkan ló ṣí sílẹ̀, kò kan ilé kejì.

Nítorí náà, adènà tí F′ ṣe á lọ jókòó lórí `O+` tó wà lórí kúrómósóómù. Ẹ́ńsáìmù kò ní jáde nígbà tí kò sí lakitóòsì. Tí lakitóòsì bá dé, á jáde. `I-` tó wà lórí kúrómósóómù kò ba nǹkan kan jẹ́, nítorí ẹ̀dà kan tó dáa ti tó láti pèsè adènà fún gbogbo bakitéríà. Lórí F′, `Oc` kò jẹ́ kí adènà jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé F′ yẹn gan-an ló ń ṣe adènà náà. Pamiéèsì á máa jáde, bí lakitóòsì wà, bí kò sí.

Ẹ wá fi ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Ó ní ẹ́ńsáìmù á máa jáde nígbà gbogbo, ó sì ní pamiéèsì kò ní jáde àfi tí lakitóòsì bá dé. Ó yí i po délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá gboyè méfò kò lè ṣì í lọ́nà tó ṣe déédéé báyìí. Ó ní òfin kan lọ́kàn tó ń tẹ̀ lé: òfin pé ohun tó wà lórí DNA kan, DNA yẹn nìkan ló kàn. Òfin yẹn jóòótọ́ fún ọpẹréítọ̀. Kò jóòótọ́ fún adènà. Ó sì tún gbàgbé `Oc` pátápátá. Nínú ojú ewé méjèèjì tó kọ, kò mẹ́nu bà á.

Bí máàkì ṣe pín nìyí. Ìdáhùn mẹ́rin tó wà nínú tébù gba 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1. Àlàyé gba 6: máàkì 2 fún pé adènà ń lọ láti orí DNA kan sí orí èkejì, máàkì 2 fún pé `Oc` kò gba adènà àti pé DNA tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló kàn, máàkì 1 fún iṣẹ́ álólakitóòsì, máàkì 1 fún mímọ̀ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni purotéènì kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Nígbà tí lakitóòsì bá wà, àwọn purotéènì méjèèjì á jáde, akẹ́kọ̀ọ́ wa sì kọ bẹ́ẹ̀, ó gba 2 nínú tébù. Ó gba 1 fún álólakitóòsì, ó gba 1 fún ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ó di 4.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ ìlà mẹ́ta ńkọ́? Tébù rẹ̀ pé, ó gba 4. Ìlà àkọ́kọ́ ní adènà láti F′ ń dí ọpẹréítọ̀ orí kúrómósóómù, ó gba 2. Ìlà kejì ní `Oc` kò gba adènà, torí náà `Y` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní tì, ó gba 2. Ìlà kẹta tún ohun kan náà sọ ni. Kò sọ̀rọ̀ álólakitóòsì rárá, kò sì sọ pé `Z` orí F′ ti bàjẹ́. Ó di 8. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn kó kọ ojú ewé méjì kí ẹni tó kọ ìlà mẹ́ta sì jù ú lọ. Ṣùgbọ́n odindi ojú ewé kan nínú méjì yẹn ló lọ sórí gulukóòsì. Òótọ́ ni pé tí gulukóòsì bá wà, bakitéríà á kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọ́pẹ́róònù lakitóòsì kò sì ní ṣiṣẹ́ dé ibi tó lè ṣe é dé. A kò bèèrè rẹ̀ ni. Ìbéèrè ti sọ pé kò sí gulukóòsì.

Ti "díẹ̀ gan-an" ńkọ́, tó rò pé òun ló ba tòun jẹ́? Òótọ́ ni ohun tó sọ. Ọ́pẹ́róònù kì í tì pátápátá. Adènà máa ń ṣí kúrò lórí ọpẹréítọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á rí àyè da jíìnì kọ, pamiéèsì díẹ̀ á jáde. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, lakitóòsì àkọ́kọ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, álólakitóòsì kò sì ní sí láti tú adènà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "díẹ̀ gan-an" síbi tí ìdáhùn ti jẹ́ "kò sí", máàkì rẹ̀ pé lọ́wọ́ mi, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú máàkíǹ gáìdì. Ṣùgbọ́n ibi tó kọ ọ́ sí ni pamiéèsì láìsí lakitóòsì, níbi tí `Oc` ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ìdáhùn tó yẹ níbẹ̀ ni "ó wà". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó lò ló gé máàkì yẹn.

Kò yẹ kí ojú tì í, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò yé àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ pàápàá ní kíákíá. Ní Institut Pasteur ní Paríìsì, Jacques Monod kọ́kọ́ gbà pé bakitéríà tí `I` rẹ̀ bàjẹ́ ń ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀ tó ń jí ọ́pẹ́róònù dìde. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, `I-` ni yóò máa borí nígbàkigbà tó bá pàdé `I+` nínú bakitéríà kan náà. Òun àti François Jacob, pẹ̀lú Arthur Pardee tó wá láti Amẹ́ríkà, wá ṣe ìdánwò kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1959. Wọ́n mú bakitéríà tí `I` àti `Z` rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí bakitéríà mìíràn fi `I+` àti `Z+` ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń jí ọ́pẹ́róònù nínú omi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí DNA náà wọlé, ẹ́ńsáìmù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. `I+` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Z+` lórí DNA kan náà, síbẹ̀ kò dá a dúró. Ó ń jáde bẹ́ẹ̀ títí wákàtí kan fi kọjá dáadáa, ó wá dúró. Tí wọ́n bá fi ohun tó ń jí i sínú omi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé `I+` nílò àkókò láti kó nǹkan kan jọ sínú omi bakitéríà, àfìgbà tí nǹkan náà bá pọ̀ tó ni ó tó lè dá iṣẹ́ dúró. `I+` ló borí. Ohun tó ń ṣe sì ń rìn. Ní 1961, Jacob àti Monod kọ àlàyé ọ́pẹ́róònù lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ní 1965, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú André Lwoff. Síbẹ̀, wọn kò tíì mọ ohun tí adènà jẹ́ ní 1961, wọ́n tiẹ̀ ń rò ó pé ó lè jẹ́ RNA. Ọdún 1966 ni Walter Gilbert àti Benno Müller-Hill tó yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Harvard, tí ó fi hàn pé purotéènì ni.

Mo fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "níbẹ̀", nítorí tí òfin tirẹ̀ bá jóòótọ́ ni, `Z+` tó wọlé pẹ̀lú `I+` kò ní ṣiṣẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Èèyàn lè fi ojú rí ìyàtọ̀ ìdáhùn méjèèjì ní yàrá ìṣèwádìí wa. Ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ X-gal, kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n tí béta-galakitosídéèsì bá gé e, á di búlúù. X-gal fúnra rẹ̀ kì í jí ọ́pẹ́róònù. Tẹ́ bá da bakitéríà inú ìbéèrè náà sórí abọ́ ágà tí a fi gilisẹ́róòlù àti X-gal sí, tẹ́ ẹ fi í síbi tó móoru bí ara èèyàn di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí àwọn ìdìpọ̀ bakitéríà róbótó-róbótó, funfun. Tẹ́ ẹ bá fi IPTG kún abọ́ mìíràn, ìyẹn ohun èlò tó ń tú adènà bí álólakitóòsì ṣe ń tú u ṣùgbọ́n tí bakitéríà kò lè jẹ, búlúù ni wọn ó jẹ́. Lójú ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa, abọ́ méjèèjì ni ó yẹ kó jẹ́ búlúù. Abọ́ funfun yẹn ni ẹ̀rí pé adènà láti F′ ti dé orí kúrómósóómù.

Ohun kan tí ìwé ìbéèrè fi ń mú nǹkan rọrùn ju bó ṣe rí lọ ni `Oc`. A máa ń sọ pé adènà kò lè dì í mú rárá. Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú `Oc` ṣì máa ń gba adènà díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí lakitóòsì bá dé, purotéènì tó ń jáde á tún pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìyẹn sínú ìdáhùn rẹ̀ kò ní pàdánù máàkì lọ́dọ̀ mi.

Mo fèsì ímeèlì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ̀wé sí i pé: "Máàkì rẹ kò ní yí padà, 4 náà ni. Tún ìdáhùn rẹ kà, kí o fa ìlà sábẹ́ 'níbẹ̀' níbi gbogbo tí o bá ti kọ ọ́. Bi ara rẹ léèrè níbi kọ̀ọ̀kan pé: ṣé purotéènì ni mò ń sọ ni, àbí ojú ibi kan lórí DNA? Lẹ́yìn náà, wá `Oc` nínú ìdáhùn rẹ." Mo fi bí máàkì ṣe pín sí i lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe ṣe é lókè yìí.

Ní ọjọ́ kejì, ó kọ̀wé padà. Ó ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n òun ní ìbéèrè kan, kì í ṣe fún máàkì. Ó rántí pé irú `I` mìíràn wà tí a kọ́ wọn, `Is`, tó ń ṣe adènà tí álólakitóòsì kò lè so mọ́. Ó ní: "Tí `Is` bá wà lórí F′ dípò `I+` ńkọ́ mà?" Ó sì dáhùn fúnra rẹ̀. Adènà `Is` á léfòó lọ sórí kúrómósóómù, á jókòó lórí `O+`, kò sì ní dìde bí lakitóòsì tiẹ̀ kún inú bakitéríà. Ẹ́ńsáìmù kò ní jáde rárá. Lórí F′, `Oc` kò ní gba adènà `Is` náà, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe gba ti tẹ́lẹ̀, pamiéèsì á sì máa jáde lọ. Nítorí náà, lakitóòsì á máa wọlé ṣáá, kò sì ní sí ẹ́ńsáìmù tí yóò gé e.

Mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, mo sì ní kó wá mú ẹ̀dà máàkíǹ gáìdì ní ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Ajé.